Ìsọmọlórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́bọ̀: aago mélòó ni ká kọ fún àwọn ará wa lókè òkun?

Àǹtí Ọmọ Tuntun (Ẹtì, 24 oṣù kẹwàá 2025)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ lánàá Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin ni, tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, 30 oṣù yìí, la ó sọ ọ́ lórúkọ nílé wa ní Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, aago 8 òwúrọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìpè tí a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n lè máa wò ó láìfù bó ṣe ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò bàbá mi wà ní Hiúsítìnì, àwọn ẹbí ìyàwó wà ní Tòróńtò, ẹnì kan wà ní Dùbáì, ẹnì kan sì wà ní Ọsirélíà.

Nígbà tí a sọ ọmọ ìbátan wa kan lórúkọ ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti kọ irú ìpè yìí. Ọjọ́ àti orúkọ ilé nìkan ni mo fẹ́ yí padà nínú rẹ̀. Bó ṣe wà nìyí:

> Aago 8 òwúrọ̀ ní Nàìjíríà àti Lọ́ńdọ̀nù. Aago 3 òru ní Kánádà. Aago 2 òru ní Amẹ́ríkà. Aago 11 àárọ̀ ní Dùbáì. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní Ọsirélíà.

Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Kí ló kù tí mo lè fi kún un? Ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a ò pe òun.

Ìyá Ìbejì Sàbó

Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Mi ò mọ nǹkan kan nípa aago òyìnbó, àmọ́ ẹ má gbàgbé láti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí ìsàlẹ̀ ìpè yẹn. Ẹni tó fẹ́ dárúkọ fún ọmọ gbọ́dọ̀ fi owó sínú abọ́, wọn ò sì lè na ọwọ́ jáde látinú fóònù.

Bọ̀dá Pẹ́kámù

Ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn tọ̀nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tán nílé báyìí. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni níbí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́wọ́ wọn. Fóònù mi náà ní ibi tí mo to aago ìlú oríṣiríṣi sí, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba síbẹ̀. Ẹ kọ 8, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Tíṣà Ìjẹrù

Ẹ dúró ná o. Bọ̀dá, ti òní lẹ̀ ń sọ. Ní Àìkú ọ̀tunla yìí, àwọn òyìnbó máa dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí òtútù ti ń wọlé lọ́dọ̀ wọn. Àwa ò ní irú ẹ̀. Nítorí náà, kí àǹtí yọ wákàtí kan kúrò nínú gbogbo rẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù á di 7, Kánádà á di 2, Amẹ́ríkà á di 1. Oṣù kìíní la sọ ọmọ mi lórúkọ, aago kan òru gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Hiúsítìnì jí láti wò ó.

Ọmọ Ajílété

Tíṣà, ẹ gbà á lápá kan, ó kù lápá kejì. Lọ́ńdọ̀nù á di 7 lóòótọ́. Àmọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà kì í yí aago tiwọn ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìlú ọba. Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni ti ìlú ọba, lọ́dún yìí ó jẹ́ ọjọ́ 26. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń dúró di Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ 2. Ọ̀sẹ̀ kan ló wà láàárín méjèèjì, inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ yìí mú ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ bọ́ sí. Àwọn ọ̀gá mi wà ní ìlú ọba, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì wà ní Amẹ́ríkà, èmi wà nílé níbí. Lọ́dọọdún ni ọ̀sẹ̀ yìí máa ń dá ìpàdé wa rú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Aago tiwa kì í yí látọdún dọ́dún. Wákàtí kan la fi máa ń ṣáájú UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣírò aago ìlú wọn, nítorí náà aago 8 wa jẹ́ aago 7 UTC nígbàkúùgbà. Láti Àìkú, Lọ́ńdọ̀nù á wà lórí UTC gan-an, 7 ni tiwọn. Hiúsítìnì á ṣì wà lẹ́yìn UTC ní wákàtí márùn-ún, ó di aago 2 òru. Tòróńtò wà lẹ́yìn ní wákàtí mẹ́rin, ó di aago 3. Dùbáì náà kì í yí aago, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣáájú UTC, ó di 11 àárọ̀. Bó bá jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, 6 oṣù kọkànlá, lẹ fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ni, Hiúsítìnì ì bá di aago 1, bí ti oṣù kìíní ọ̀dọ̀ Tíṣà.

Ẹ rí i pé a ò lè da ìpè oṣù kẹjọ kọ, a ò sì lè da ti oṣù kìíní kọ. Ọ̀sẹ̀ yìí mú Lọ́ńdọ̀nù bí ìgbà òtútù, ó sì fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ bí ìgbà ooru.

Ohun mìíràn ni pé kí ẹ má kọ "Amẹ́ríkà" tàbí "Ọsirélíà" lásán. Nígbà tó bá jẹ́ aago 2 ní Hiúsítìnì, aago 3 ni ní Niú Yọ́ọ̀kì, ọjọ́ tuntun á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé ní aago 12 òru ní Lọs Ángẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ti Ọsirélíà tilẹ̀ tún lọ́jú pọ̀. Mẹ́bọ̀ọ̀nù ti sún aago wọn síwájú ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù yìí, nítorí náà aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn á jẹ́. Ìlú wo gan-an ni ẹni yín wà níbẹ̀?

Bọ̀dá Pẹ́kámù

Àmọ́ fóònù mi ní wọ́n dọ́gba. Ṣé irọ́ ni fóònù ń pa ni?

Ọmọ Ajílété

Kò pa irọ́, Bọ̀dá. Ohun tí ẹ bi í ló dá yín lóhùn. Ibi tí a ń to aago ìlú sí nínú fóònù, ti ìsinsìnyí ló ń sọ, kò mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ lẹ̀ ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ bi í ní ti Ọjọ́bọ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ tẹ èyí sí ibi ìwákiri:

```
8am 30 October 2025 Lagos time in London
```

Ẹni tó bá yọ ọjọ́ kúrò níbẹ̀, ìyàtọ̀ tòní ló máa rí.

Mọ́mì Tòróńtò

Ẹ kú ọmọ tuntun, Ọlọ́run á fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà aago 3 òru ò ṣèmi ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀yin ń jà lórí wákàtí, ọjọ́ ló máa ń ṣì wá lọ́nà níbí.

Ìpè kan wá sílé wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ọjọ́bọ̀, aago 3 òru". Ọkọ mi sùn ní Ọjọ́rú, ó jí ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó dé, ó fi ìránnilétí sí aago 3 òru kó tó sùn. Ìgbà tó fi máa jí, wọ́n ti fọ abọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti kó àga onírẹ́ǹtì padà. Lójú tiẹ̀, òru Ọjọ́bọ̀ ni òru tó ń tẹ̀lé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ta ló sì fẹ́ bá a jà? Bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀. Ẹ tún fi ọjọ́ inú oṣù sí méjèèjì, 29 mọ́jú 30. Ẹni tó bá rí 29 níbẹ̀ ò ní sùn lé e.

Dádì Kágárì

Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Àmọ́ mi ò rí ìdáhùn sí tèmi. Àwa bí ọmọ tiwa ní Kágárì níbí ni, Àbámẹ́ta ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá la fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, aago 10 àárọ̀. Ìyá mi tó wà ní Àrádá ló fẹ́ wò ó. Ṣé kí n yọ wákàtí mẹ́jọ tàbí kí n fi kún un?

Ọmọ Ajílété

Ẹ kú oríire, Dádì. Ìyá yín ló ṣáájú, nítorí náà ẹ fi kún un, ẹ sì fi méje kún un, kì í ṣe mẹ́jọ. Aago 10 yín ní Àbámẹ́ta yẹn á jẹ́ aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní Àrádá. Bí ẹ bá sún un di Àìkú ọjọ́ kejì, aago yín á ti yí lóru, aago 10 yín á wá di aago 6 lọ́dọ̀ Màámi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ti gba iná sí fóònù látàárọ̀.

Bàbá Òkè-Ẹlẹ́rìn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ̀ ń sọ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ará òkè òkun má wò ó, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí a sún un síwájú nítorí oorun wọn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ni a fi ń fi omi, iyọ̀, oyin, orógbó àti atare wúre fún ọmọ.

Mọ́mì Tòróńtò

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti mẹ́nu kàn án: bí a bá sún un di aago 11, Tòróńtò á di aago 6 òwúrọ̀, Hiúsítìnì á di aago 5. Èèyàn lè jí ní aago 5, kó wò ó, kó sì lọ síbi iṣẹ́. Aago 2 òru, àwọn tó bá jí ò ní lè sùn mọ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ò sì ní jí rárá.

Bàbá Òkè-Ẹlẹ́rìn

Aago 11, ìrẹsì ni àwọn àlejò á máa bojú wò, kì í ṣe ọmọ. Ẹ lọ bi ìyá àgbà léèrè.

Àǹtí Ọmọ Tuntun

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní aago 8, àti pé kí n má tún béèrè mọ́. 😄

Ọ̀rọ̀ kan tún wà o. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Hiúsítìnì ní orúkọ kan tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ. Wọ́n ní ẹnu ara àwọn làwọn fẹ́ fi pè é, àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn pè é. Ṣé ó ṣeé ṣe láìfù?

Ayàwòrán Tákié

Ẹ kú ewu ọmọ. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìpè tí Àǹtí fi hàn wá kò ní líǹkì, líǹkì ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Bí a bá ti gbé e kalẹ̀ lórí YouTube pẹ̀lú ọjọ́ àti aago ṣáájú, ẹni tó bá ṣí i á rí aago ìlú tiẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ á ti bá a ro ti òtútù àti ti ooru mọ́ ọn. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n kọ aago sínú ìpè, kí líǹkì sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó gbé e kalẹ̀ lè ba tiẹ̀ jẹ́. Oníbàárà kan gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wá bá mi rí. Aago tó wà lójú rẹ̀ bá tiwa mu, àṣé ọwọ́ ni wọ́n fi yí i. Nínú lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà yẹn ṣì gbà pé Kalifọ́níà lòun wà. Ó tẹ aago 8 òwúrọ̀, YouTube sì gbà á sí aago 8 Kalifọ́níà, tó jẹ́ aago 4 ìrọ̀lẹ́ tiwa nígbà yẹn. Lójú ẹni tó tẹ̀ ẹ́, 8 ló ń rí, kò lè mọ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ mìíràn ló lè tú u fó. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, kí Bọ̀dá Pẹ́kámù ṣí i kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún wa. Bó bá jẹ́ 7:00, a yege.

Ẹ má sì fi í di Ọjọ́rú. Àkáǹtì tí kò bá tíì ṣe láìfù rí, YouTube lè ní kó dúró tó wákàtí 24 kó tó ráàyè. Láti orí fóònù, wọ́n tún máa ń béèrè pé kí èèyàn 50 ti tẹ̀lé ẹ ná. Ti ṣọ́ọ̀bù mi ti kọjá gbogbo ìyẹn, a lè lò ó. Màá fi sí `Unlisted`, kó má bàa yọ sójú ẹni tí kò ní líǹkì. Àmọ́ líǹkì kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ẹ fún lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tìyẹn náà á sì fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ Ìyá Ìbejì pé kí nọ́ńbà àkáǹtì má sí lára ìpè tàbí lábẹ́ fídíò. Àwọn ọmọ jìbìtì máa ń yí nọ́ńbà inú irú ìpè bẹ́ẹ̀ padà sí tiwọn, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, ẹ̀yin á sì máa rò pé ẹbí yín ló háwọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ̀ nílé.

Ní ti àbúrò bàbá yín: YouTube kò lè ṣe é. Ohun tí a ń ṣe níbí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú. A ó ti bọ́ sórí oyin kí "àmín" ti iyọ̀ wọn tó dé. Ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp pẹ̀lú fóònù mìíràn bó bá kù díẹ̀ kó kàn wọ́n. Ẹ mú fóònù yẹn sún mọ́ máìkì. Kí wọ́n sì pa ohùn YouTube lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ara wọn á máa padà wá bá wọn, wọ́n á sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Sàbó

Ó yé mi wàyí. Nọ́ńbà àkáǹtì ti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa: aago 8 Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé 8 ni? Ti ọmọ àbúrò mi, 8 ni wọ́n kọ, ẹni tó máa wúre dé ní 9 kọjá. Ẹni tó bá jí ní aago 2 òru nítorí yín, kí ló fẹ́ máa wò fún wákàtí kan? Àga òfo àti àgọ́?

Ayàwòrán Tákié

Àga òfo ni wọ́n máa ń wò, Ìyá Ìbejì, mo ti yà á púpọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń sọ fún ẹbí kí wọ́n fi ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀ ṣáájú, kí ìkíni àlejò àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó máa wúre, aago 7 ààbọ̀ ni kí ẹ pè é sí, kì í ṣe 8. Mo máa ń ṣí kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí àwọn tó wà lókè òkun lè mọ̀ pé líǹkì wọn ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnì kan nílé sì wà tí iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju pé kó kọ ọ́ sí WhatsApp ẹbí: "ẹni tó máa wúre ti dé", tàbí "ó kù ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣì lè sùn díẹ̀". Ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó wọlé lè fà á padà sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá parí.

Ẹ bá mi bẹ onírẹ́kọ́ọ̀dù yín náà. Bó bá fi orin olórin síta nígbà tí kámẹ́rà wà ní ṣíṣí, YouTube lè gé wa láàárín. Kó dúró di ìgbà tí a bá ti pa kámẹ́rà.

Ọmọ Ajílété

Lórí ti àwọn tí òru kò bá gbà láyè, àbá kan nìyí tí kò ní bí Bàbá Òkè-Ẹlẹ́rìn nínú. Ẹ sọ ọmọ lórúkọ ní 8 bí ìyá àgbà ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ní aago 1 ọ̀sán, kí ìyá ọmọ gbé ọmọ jókòó síwájú fóònù kan, kí ẹ pe ẹbí lórí WhatsApp fún bí ogún ìṣẹ́jú. Hiúsítìnì á jẹ́ aago 7 òwúrọ̀, Tòróńtò á jẹ́ aago 8, Lọ́ńdọ̀nù á jẹ́ 12 ọ̀sán. Èèyàn 32 ni ìpè kan gbà, ó tó ẹbí yín.

Bàbá Òkè-Ẹlẹ́rìn

Ìyẹn kò burú, kíkí ọmọ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ, kó jí ní òru. Orúkọ tí a pè lọ́sàn-án lẹ́yìn tí a ti dà omi nù, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Mọ́mì Tòróńtò

Orúkọ ni wọ́n ń pè é, Bàbá. 😊 Ìyá mi sọ ọ̀kan fún ọmọ mi lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, òun ni gbogbo ilé ń pè é báyìí.

Àǹtí Ọmọ Tuntun (Àìkú, 26 oṣù kẹwàá)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bi ẹni wa tó wà ní Ọsirélíà, Bírísíbéènì ni wọ́n wà. Wọ́n ní àwọn kì í yí aago níbẹ̀ rárá, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn, bó ṣe wà nínú ìpè oṣù kẹjọ. Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló wá yí padà. Ayàwòrán sì ti gbé líǹkì kalẹ̀. Ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ̀yin ẹbí wa lókè òkun, Ọlọ́run fi ọmọkùnrin ta ilé wa lọ́rẹ. A ó sọ ọ́ lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹwàá 2025. Kámẹ́rà á ṣí ní 7:45 òwúrọ̀ tiwa. Ìsọmọlórúkọ á bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀ tiwa (07:00 UTC). Bó ṣe bọ́ sí lọ́dọ̀ yín nìyí:
>
> Lọ́ńdọ̀nù: aago 7 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Aago yín ti yí ní Àìkú, ẹ má rò pé 8 ni.
>
> Tòróńtò: aago 3 òru, Ọjọ́rú 29 mọ́jú Ọjọ́bọ̀ 30.
>
> Hiúsítìnì: aago 2 òru, Ọjọ́rú 29 mọ́jú Ọjọ́bọ̀ 30.
>
> Dùbáì: aago 11 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
>
> Bírísíbéènì: aago 5 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.
>
> Ẹni tí òru kò bá gbà láyè, a ó pe ẹbí lórí WhatsApp ní aago 1 ọ̀sán tiwa lọ́jọ́ náà. Bí aago tí ẹ rí lórí líǹkì bá yàtọ̀ sí èyí tí a kọ síbí, ẹ pè wá nílé kí ó tó di Ọjọ́rú. Ẹ tún fi orúkọ tí ẹ fẹ́ fún ọmọ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ sì sọ ẹni tó máa bá yín pè é níbí.

Bọ̀dá Pẹ́kámù

Mo ṣí líǹkì. 7:00 ló kọ fún mi, Ọjọ́bọ̀ 30. Mo sì jí láàárọ̀ yìí, wákàtí kan ti wà láàárín èmi àti ìyá mi. Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ajílété, ẹ kú iṣẹ́ jù.

Tíṣà Ìjẹrù

Ó dára. Èwo ni kí n wá kọ fún ti ìbátan mi tó wà ní Hiúsítìnì? Ọmọ tiwa Ọjọ́rú 29 la máa bí i, bí Ọlọ́run bá fẹ́, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ajílété

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ná! Bó bá dé lọ́jọ́ yẹn, Ọjọ́rú 5 oṣù kọkànlá lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ. Amẹ́ríkà á ti yí aago. Aago 1 òru, Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú. Bí ọmọ bá yí ọjọ́ padà, ẹ padà wá béèrè.

Ayàwòrán Tákié

Àǹtí, aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni màá wá dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nílé yín, ní ibi tí ọmọ máa wà gan-an, kì í ṣe ní ẹnu géètì. Bí a ṣe ń gbé nǹkan jáde ni mo fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe bí a ṣe ń gbà á wọlé. Bí kò bá tó mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, màá dín àwòrán kù sí 480, ojú ọmọ á ṣì hàn. Ẹ ra dátà tó tó gígábáìtì márùn-ún sórí síìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.